Nígbà tí ẹni tó fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò bá ti fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Ìyáàfin tó ṣe ìntáfíù fún mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Ímeèlì tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn ti padà wá bá mi."

Ọjọ́ kejìdínlógún nìyẹn lẹ́yìn ìntáfíù náà. Ilé-iṣẹ́ tó lọ wà ní agbègbè Ọ̀rẹ́gùn, n'Ìkẹjà. Wọ́n máa ń kó ọjà àwọn oníṣòwò pamọ́, wọ́n sì ń pín in káàkiri Èkó. Ipò akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n ń wá ènìyàn sí. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù náà, ènìyàn méjì ló jókòó níwájú rẹ̀: máníjà ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, àti ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ọjà oṣù mẹ́ta síwájú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kó wá ibi tí ìwé àti ọjà kò ti bára mu. Ó rí i pé ẹnì kan ti kọ 40 páálí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Inú àwọn méjèèjì dùn. Nígbà tó fẹ́ jáde, máníjà ní, "Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa." Ọ̀sẹ̀ méjì pé lọ́jọ́ 17, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rin sí i, ó wá kọ̀wé. Láàárín ìṣẹ́jú kan, lẹ́tà náà ti padà.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé ilé-iṣẹ́ mìíràn n'Ìlúpéjú ti fún un níṣẹ́. Owó wọn kéré sí ti Ọ̀rẹ́gùn, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí oṣù tó parí.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ kí n tó kúrò, mo sì ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì yìí. Mo ti jẹ́ ẹni tuntun tí lẹ́tà irú èyí ń wá bá. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ní kó ṣe ni pé kó ka ohun tó wà nínú ímeèlì tó padà náà sí mi létí.

Àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni "Address not found", nọ́ńbà tó sì tẹ̀lé e ni 550 5.1.1. Nọ́ńbà yìí ní ìtumọ̀. Márùn-ún tó ṣáájú túmọ̀ sí pé ìdíwọ́ náà kì í ṣe ti ìgbà díẹ̀, àtúnfiránṣẹ́ ò ní yanjú rẹ̀. 5.1.1 ń sọ pé kò sí àpótí lẹ́tà kankan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lọ́dọ̀ wọn. Bó bá jẹ́ pé mẹ́rin ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà, bíi 4.2.2, àpótí ẹni náà lè ti kún ni; lẹ́tà ṣì lè wọlé tó bá yá. Bó bá sì jẹ́ 5.7.1, ohun tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn ló kọ lẹ́tà rẹ, ẹni tí o ń wá ṣì lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìkọ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ náà lè mú 5.1.1 wá, pàápàá nínú orúkọ Yorùbá tó gùn. Mo ní kó fi àdírẹ́sì tó kọ wé èyí tó wà nínú ímeèlì tí wọ́n fi pè é fún ìntáfíù. Wọ́n bára mu. Ó tún wo LinkedIn, ó rí i pé ìyáàfin náà ti kọ ilé-iṣẹ́ mìíràn sábẹ́ orúkọ rẹ̀ láti oṣù yẹn kan náà. Ó ti lọ lóòótọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rò pé òun kò ríre, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yìí ṣe é lóore. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá lọ, àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà lè pa àpótí rẹ̀ rẹ́, lẹ́tà á sì máa padà bíi ti ọmọ yìí. Wọ́n lè fi ìdáhùn kan síbẹ̀ tó ń sọ pé ẹni náà ti lọ, tó sì ń dárúkọ ẹni tí a lè kọ̀wé sí. Wọ́n lè yí lẹ́tà rẹ̀ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n fi àpótí náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́tà ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń kà á, ẹni tó kọ ọ́ sì ń rò pé wọ́n kàn ń fojú fo òun ni. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ bá ti kọjá, tí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún tún kọjá lẹ́yìn lẹ́tà rẹ láìsí ìdáhùn, má kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì sí àdírẹ́sì yẹn. Pe nọ́ńbà fóònù tó wà lójú òpó ayélujára ilé-iṣẹ́ náà, kí o sì bi ẹni tó bá gbé e bóyá ẹni tí o dárúkọ ṣì wà níbẹ̀. Wọn kì í fi ìdáhùn ìbéèrè yẹn pamọ́.

Kí n tó sọ bí a ṣe kọ lẹ́tà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lórí tábìlì ẹni tuntun, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́ ti ń ṣìnà. Nígbà tí mo gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú mi, ohun tó kù fún mi ni fáìlì páálí mẹ́ta, àkọsílẹ̀ kan lórí kọ̀ǹpútà tó ní orúkọ, ipò àti ọjọ́ ìntáfíù, àti kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀. Wọn kò fún mi ní àpótí ímeèlì rẹ̀. Ìwé tí a fi ń fún olùwáṣẹ́ ní máàkì wà fún àwọn kan, kò sí fún àwọn mìíràn. Ohun tó sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, ìlérí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rín tó rín, ẹni tó wù ú jù, gbogbo ìyẹn bá a lọ. Àwọn tó ń kọ̀wé sí mi kò mọ èyí. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé mo wà níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé ẹni tó ṣáájú mi ti fún òun níṣẹ́ náà tán, pé ìwé nìkan ló kù. Ó kọ ojú ìwé kan àtààbọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ọ̀gbẹ́ni ọ̀wọ́n", bẹ́ẹ̀ obìnrin ni mí. Mo wá inú fáìlì, n kò rí nǹkan kan tó ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. N kò lè sọ pé irọ́ ló ń pa, n kò sì lè sọ pé òótọ́ ni. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé lẹ́tà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní màá padà sí i. N kò tètè padà sí i, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ẹlòmíràn kọ gbólóhùn mẹ́fà: ipò tó wá, ọjọ́ tó wá, àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀, àti ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ mọ̀. Mo dìde, mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn tó dárúkọ, mo bi í léèrè. Ìdáhùn rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kì í ṣe ti ìwà tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì tó dán. Ẹni kejì fún mi ní ohun tí mo lè lọ wádìí. Ẹni tuntun kò jẹ ọ ní gbèsè kankan, kò mọ̀ ọ́ rí. Bí o bá fi ìlérí ẹni tó lọ sọ ọ́ di ajigbèsè, ẹ̀rù á bà á láti dá ọ lóhùn, torí ìdáhùn rẹ̀ lè di ẹ̀rí lọ́rùn ilé-iṣẹ́. Bí o bá fún un ní ọjọ́, ipò àti orúkọ ẹni tó ṣì wà nílé, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lo gbé fún un.

Ohun tí mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn tó ti rí i dájú pé ìyáàfin náà lọ, ni ẹni tó ṣì wà níbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí ni. Ó jókòó níbi ìntáfíù, ó rí 40 páálí yẹn pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó kọ̀wé sí. Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí kò ní àṣẹ láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ dé, bó bá sì sọ ọ́, ó lè kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Ẹlẹ́rìí ni, orúkọ rẹ̀ ló yẹ kó wọ inú lẹ́tà. Ẹni tí lẹ́tà yẹ ni ẹni tó gba ipò máníjà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó pe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ṣe ìntáfíù lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ 3, mo sì gbọ́ pé máníjà ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ̀wé sí báyìí?" Wọ́n fún un ní orúkọ àti àdírẹ́sì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Orúkọ tí wọ́n fún un jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wa tí ọkùnrin ń jẹ́, tí obìnrin ń jẹ́, bíi Tèmítọ́pẹ́ tàbí Ayọ̀délé. Ó bi mí bóyá kóun kọ sà tàbí mà. Mo ní kó kọ orúkọ àti orúkọ bàbá ẹni náà tán pátá, kó má fi ìkankan sí i. Ọ̀wọ̀ wà nínú orúkọ tí a kọ pé. Sà tí a kọ sí obìnrin ń sọ fún un láti ìlà àkọ́kọ́ pé o kò mọ ẹni tí o ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ó tó pè mí lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ó ti kọ lẹ́tà kan sílẹ̀. Ó gùn. Ìbínú wà nínú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ó béèrè ìdí tí wọn ò fi sọ fún òun pé ìyáàfin náà ń lọ. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. A pa á rẹ́, a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́ ránṣẹ́, bí ó ṣe lọ ní Yorùbá nìyí, láìsí orúkọ:

> Àkọlé: Ìntáfíù ipò akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí, ọjọ́ 3 Ẹrẹ́nà
>
> Ẹ kú iṣẹ́. Ọ́fíìsì yín ló fún mi ní orúkọ yín lónìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kàn báyìí lórí ìgbanisíṣẹ́.
>
> Mo ṣe ìntáfíù fún ipò akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí ní ọ́fíìsì yín n'Ìkẹjà lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 3 Ẹrẹ́nà. Máníjà tó wà ní ipò yín nígbà náà àti ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Mo ṣe ìdánwò àkọsílẹ̀ ọjà lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní mo lè retí èsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.
>
> Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìgbanisíṣẹ́ náà ṣì ń lọ, ìgbà wo ni ẹ sì rò pé ìpinnu lè jáde? Mo ní láti dá ilé-iṣẹ́ mìíràn lóhùn kó tó di ọjọ́ 31, ipò yín ló sì wù mí jù.
>
> Mo fi sífí mi àti ímeèlì tí ẹ fi pè mí fún ìntáfíù sí abẹ́ lẹ́tà yìí. Ẹ ṣeun.

Àríyànjiyàn wáyé láàárín wa lórí gbólóhùn ilé-iṣẹ́ mìíràn yẹn. Ó rò pé wọ́n á kà á sí ìhàlẹ̀. Mo ní bí ó bá jẹ́ òótọ́, tí ọjọ́ wà níbẹ̀, tí kò sì dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà tàbí iye tí wọ́n fẹ́ san, ó ń ran ẹni tuntun lọ́wọ́ láti mọ èwo ni kó kọ́kọ́ mú nínú òkìtì tó bá lórí tábìlì. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, kí ó yọ ọ́ kúrò, torí ẹni tuntun lè dáhùn pé, "Ẹ lọ gbà á."

Ohun kejì ni ímeèlì àtijọ́ tó fi sí abẹ́ lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kàn tẹ "Forward", gbogbo ohun tí òun àti ẹni tó lọ ti jọ sọ á sì bá a lọ. Mo ní kó kọ́kọ́ ka gbogbo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nínú ọ̀kan nínú wọn, ó ti sọ iye tó kéré jù tóun lè gbà. Kò yẹ kí ẹni tuntun bá ìyẹn pàdé kí wọ́n tó jọ sọ ọ̀rọ̀ owó. Nítorí náà, ó kọ lẹ́tà tuntun, ó sì mú ìwé ìpè sí ìntáfíù nìkan, èyí tó ní ọjọ́, ipò àti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ nínú. Ẹ̀rí tó nílò kò ju ìyẹn lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ìbá yàtọ̀ pátápátá. Ìwé tí máníjà fọwọ́ sí lórúkọ ilé-iṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, ìlọ máníjà kò sọ ọ́ di asán. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kò béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì béèrè ọjọ́ tí òun máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ́yìn ìntáfíù kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ìlérí iṣẹ́ nínú lẹ́tà rẹ̀ ń ṣe ara rẹ̀ ní àbùkù lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ó tún bi mí bóyá kóun kọ̀wé sí ìyáàfin tó lọ náà lórí LinkedIn. Mo ní ó lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan: kó kí i kú oríire iṣẹ́ tuntun, kó dúpẹ́ fún ìntáfíù, kó sì béèrè ẹni tó yẹ kóun bá sọ̀rọ̀. Níwọ̀n bó ti rí ìdáhùn ìbéèrè yẹn lórí fóònù, ìkíni àti ọpẹ́ nìkan tó. Kó má ní kí ó bá òun bá wọn sọ ọ́, kó má béèrè iye máàkì òun. Ẹni tó ti dá kọ́kọ́rọ́ padà kò láṣẹ lórí ìwé inú ilé náà mọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní sọ ọ̀rọ̀ inú ilé síta.

Ohun kan wà tí n kò lè fò kọjá, torí pé mo ti rí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Àkókò tí máníjà kan lọ tí òmíràn kò tíì fìdí múlẹ̀ jẹ́ àkókò tí àwọn gbájúẹ̀ fẹ́ràn. Olùwáṣẹ́ kan tí mo mọ̀ gba ìpè lórí wọ́sáàpù lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ní òun ni máníjà tuntun, pé èsì ìntáfíù ti jáde, kó san owó àyẹ̀wò ìlera. Ó san án, kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n kò le. Wo ohun tó wà lẹ́yìn àmì @ nínú àdírẹ́sì náà: kó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà gan-an, lẹ́tà fún lẹ́tà, kó má jẹ́ gmail.com tàbí orúkọ tí wọ́n fi lẹ́tà kan kún. Má pe nọ́ńbà tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Èyí tó wà lójú òpó ilé-iṣẹ́ ni kí o pè. Bí wọ́n bá sì dárúkọ owó tí ìwọ máa san, dá ọ̀rọ̀ náà dúró níbẹ̀.

Lẹ́tà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 24. Mo ní bí kò bá rí ìdáhùn títí di ọjọ́ Ẹtì, kó kọ gbólóhùn méjì sórí lẹ́tà kan náà, kó pè lẹ́ẹ̀kan, kó sì dáwọ́ dúró. Kò di ìyẹn. Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ 27, máníjà tuntun dáhùn. Ó ní òun kò rí ìwé máàkì rẹ̀ nínú fáìlì, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí rántí rẹ̀ dáadáa, ó sì rántí ìdánwò páálí náà. Ó ní wọ́n ti dá ìgbanisíṣẹ́ sí ipò yẹn dúró, kò sì ní sí ìpinnu kankan ṣáájú oṣù Òkúdù. Ó ní òun ti kọ orúkọ rẹ̀ síwájú nínú àwọn tí wọ́n máa pè bí ó bá tún ṣí.

Ọmọ náà sunkún díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ Ìlúpéjú lọ́jọ́ kejì. Bí lẹ́tà yẹn kò bá jáde, ì bá máa dúró de ẹni tó ti lọ, oṣù á parí, Ìlúpéjú náà á sì bọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́, tí ẹ sì ti kọ̀wé pé ẹ ń lọ, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀. Ìdajì wákàtí tó láti kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò tí wọn kò tíì gbọ́ èsì, ipò tí wọ́n wá, máàkì wọn, àti ọjọ́ tí ẹ dá fún wọn. Ẹ kọ ímeèlì kékeré sí wọn pé ẹ ń lọ, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ padà.